Búùtù tàbí kánfáàsì ọ̀nà igbó: èwo ló yẹ ẹni tó ru ẹrù wúwo?

Ẹni tó ń wá bàtà fún ìrìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún sábà máa ń kọ́kọ́ wo ibi tí ọrùn bàtà ga dé. Lójú tèmi, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹrù ti ń dé ilẹ̀.

Nígbà tí ẹrù ẹ̀yìn bá ti tó nǹkan bíi kílò 15, gbogbo òkúta tí a bá tẹ̀ ni àtẹ́lẹsẹ̀ máa ń mọ̀ bí ìsàlẹ̀ bàtà bá rọ̀. Búùtù tí wọ́n ṣe fún ẹrù máa ń ní ike líle tàbí irin pẹlẹbẹ kan láàárín ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òun ló ń pín ìwúwo káàkiri ẹsẹ̀, tí ṣóńṣó òkúta kan ṣoṣo kò fi ní máa gún ojú kan náà. Kánfáàsì ọ̀nà igbó gbẹ́kẹ̀ lé fóòmù jù lọ. Àwọn kan ní ike tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ iwájú ẹsẹ̀, ó sì ń dènà òkúta dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n ó ṣì ń tẹ̀. Lábẹ́ ẹrù wúwo, fóòmù á máa fún pọ̀, bó bá sì di ọjọ́ kẹta, àtẹ́lẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹni.

Ẹ lè dán èyí wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi ọwọ́ kan mú ẹ̀yìn bàtà, kí ẹ fi èkejì mú iwájú rẹ̀, kí ẹ wá lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Èyí tó bá lọ́ wẹ́rẹ́, ẹrù fúyẹ́ ló wà fún. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́: ìdí àwọn ọmọìka ẹsẹ̀ ló yẹ kó ti tẹ̀. Bó bá tẹ̀ láàárín, ẹ fi sílẹ̀.

Ọrùn gíga wúlò, ó ń dènà ẹ̀gún, ẹrẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ aṣọ rírọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, kò ní dá ẹsẹ̀ dúró bí ẹsẹ̀ bá fẹ́ rọ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ibi tí gìgísẹ̀ wọ̀ sí. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn, kó má rì wọlé. Ẹ ṣọ́ra fún kánfáàsì tí fóòmù rẹ̀ nípọn jù pẹ̀lú, torí bí ẹsẹ̀ bá ṣe jìnnà sílẹ̀ tó ni ó ṣe rọrùn tó láti yẹ̀.

Ibi tí kánfáàsì ti borí ni ìwúwo. Búùtù méjèèjì lè tó kílò 1.4, kánfáàsì méjèèjì lè jẹ́ gíráàmù 700. Àwọn tó ṣèwádìí agbára tí ara ń ná rí i pé ẹrù tó wà lẹ́sẹ̀ ń gba nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún agbára tí irú ẹrù kan náà ń gbà bó bá wà lẹ́yìn. Nípa bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ gíráàmù 700 yìí dà bí kílò 3.5 nínú àpò.

Ní ti omi, búùtù tí omi kì í wọ̀ dára fún ìrì àti koríko tútù. Àmọ́ bí odò bá ga kọjá ọrùn rẹ̀, omi á wọlé, kò sì ní gbẹ bọ̀rọ̀. Kánfáàsì alásẹ́ máa ń tutù kíákíá, ó sì máa ń gbẹ kíákíá. Bí ọ̀nà yín bá ń gba inú odò léraléra, èyí nìkan lè tó láti yan kánfáàsì.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó wọn kílò 70, tó ru kílò 18 fún ọjọ́ márùn-ún lójú ọ̀nà olókùúta tó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn. Bí oúnjẹ rẹ̀ bá jẹ́ gíráàmù 700 lójúmọ́, kílò 3.5 nínú ẹrù náà ni yóò jẹ tán lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní àti ìkejì, nígbà tí àpò ṣì kún, ló yẹ kó fi yan bàtà. Búùtù ni mo máa ní kó rà. Bó bá lè yọ àgọ́ ńlá àti aṣọ àpọ̀jù kúrò, tí ẹrù fi wálẹ̀ sí kílò 12, kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le díẹ̀ á tó o, á sì rìn ní ìrọ̀rùn. Kó kàn mọ̀ pé kánfáàsì sábà máa ń gbó láàárín kìlómítà 500 sí 800, nígbà tí búùtù máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì lè pààrọ̀ ìsàlẹ̀ àwọn kan.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ wọ̀ ọ́ wò, torí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ nígbà náà. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa fi rìn, kí ẹ gbé àpò tó kún, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbi tó dà gẹ̀rẹ́. Bí ọmọìka bá kan iwájú, ẹ béèrè èyí tó tóbi jù ú lọ. Bí gìgísẹ̀ bá ń gbéra sókè nínú bàtà, ibẹ̀ ló máa léròrò. Búùtù aláwọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹsẹ̀: ẹ máa wọ̀ ọ́ káàkiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ sì fi ẹrù kún un díẹ̀díẹ̀, kó tó di ọjọ́ ìrìn.