iPhone 5s àti iPhone 6: èwo ló ṣì lè pe èèyàn lórí AT&T?

Fóònù méjèèjì ló ń gba 4G, ọdún kan péré ló sì wà láàárín wọn: 2013 ni 5s jáde, 6 jáde ní 2014. Síbẹ̀, nígbà tí ilé-iṣẹ́ fóònù AT&T pa 3G rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìpè kú lórí 5s, 6 sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Dátà nìkan ni 5s ń fi 4G ṣe. Bí ìpè bá wọlé, ńṣe ló máa ń sọ̀kalẹ̀ sórí 3G kí ẹ tó lè sọ̀rọ̀. "LTE", ìyẹn àmì 4G, á kúrò lókè ojú fóònù. AT&T ti pa 2G láti 2017, nítorí náà nígbà tí 3G lọ, kò sí ibi tó máa bọ́ sí mọ́. Wásáàpù ṣì ń lọ, torí dátà ni. Ìyẹn gan-an ló ń tan èèyàn jẹ: àmì wà lókè, ìpè ò sì lọ.

iPhone 6 ní VoLTE: ó ń sọ ohùn di dátà, á gbé e gba orí 4G kan náà, "LTE" ò sì ní kúrò. Àmọ́ ẹ wo "Enable LTE" nínú Settings; "Voice & Data" ni kí ẹ yàn. Bí ẹ bá fi í sí "Data Only", kò yàtọ̀ sí 5s.

Kì í ṣe fóònù nìkan ló ń pinnu o. AT&T ní àkọsílẹ̀ àwọn fóònù tó fọwọ́ sí. Fóònù tí wọ́n rà l'Ékòó lè ní VoLTE, kó dé Houston kí wọ́n má gbà á.