Lìmítẹ́ẹ̀dì-sìlíìpù tí mo fi sí Sífíìkì mi: mánijà ní fééèkì ni, Bráńsì Háàṣì ní irọ́ ni

Ẹni tó bá fẹ́ ra dífúrẹ́ńṣà lìmítẹ́ẹ̀dì-sìlíìpù, ìyẹn èyí tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà méjèèjì tí kì í jẹ́ kí ọ̀kan kàn máa yí dànù, fún mọ́tò tó jẹ́ pé táyà iwájú ló ń fà á, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí tán kí ẹ tó sanwó, torí ohun tí ojú mi rí ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù tó bá mi fi í sínú mọ́tò, inú ṣì ń bí mi di bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Mọ́tò mi ni Họ́ńdà Sífíìkì Táìpù Áà, EP3 ti 2003. Súwíńdọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni wọ́n ti to gbogbo EP3, àti tiwa àti èyí tí wọ́n kó lọ tà ní Jàpáàn, ṣùgbọ́n ti Jàpáàn nìkan ni wọ́n fi lìmítẹ́ẹ̀dì sí, tiwa ò ní. Gbogbo ẹni tó ń wa tiwa ló mọ̀ ọ́n lára: tẹ́ ẹ bá wọ kọ́nà tó ká dáadáa, tẹ́ ẹ bá wá tẹ tọ́rótù, táyà iwájú tó wà ní ìhà inú kọ́nà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí dànù, ẹ́ńjìnnì á máa ké, mọ́tò ò sì ní lọ. Mo wá ra oríṣi tí wọ́n ń pè ní hẹ́líkà, onígíá, èyí tí kò ní puléètì kankan nínú, mo sì gbé e lọ fún wọ́kíṣọ́ọ̀bù kan tó ń pera ẹ̀ ní ọ̀gá nínú gíábọ́ọ̀sì Họ́ńdà.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti bóòtì ná. Àwọn bóòtì tó de gíá ńlá mọ́ ara dífúrẹ́ńṣà nínú gíábọ́ọ̀sì Họ́ńdà yìí, òdìkejì ni súkúrù wọn ń lọ, apá ọ̀tún ni wọ́n máa ń tú sí, ó wà nínú ìwé iṣẹ́ wọn. Ọmọ tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún ń tú u sí òsì, ó fi páìpù gùn ún lórí kó lè ní agbára si, ó sì já méjì. Wọ́n pè mí pé bóòtì ti gbó, kí n san owó tuntun. Mo ní ṣé apá ọ̀tún ni wọ́n tú u sí, ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ dákẹ́, ó ní òun máa pè mí padà. Kò pè mí o. Owó bóòtì sì wà nínú bíìlì mi nígbà tí mo débẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló mú mi kọ̀wé. Ọjọ́ tí mo lọ gbé mọ́tò, mánijà wọn mú mi lọ sábẹ́ ẹ̀, ó fi jáàkì gbé iwájú méjèèjì sókè, gíá wà ní nútírà, ó fi ọwọ́ yí táyà ọ̀tún síwájú, tòsì yí sẹ́yìn. Ó tún yí i. Tòsì tún yí sẹ́yìn. Àwọn kọ́sítọ́mà míì ń wò wá o. Ó wá fohùn sókè, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, wọ́n ti lù yín ní jìbìtì. Lìmítẹ́ẹ̀dì tó bá jẹ́ ojúlówó, táyà méjèèjì máa ń yí síbì kan náà ni. Èyí tẹ́ ẹ gbé wá yìí, lásán ni." Mo ní kó ṣàlàyé, ó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó mọ mọ́tò wà. Ó ní òun lè bá mi yọ ọ́, òun á fi ọ̀kan tí òun ní ní sítọ́ọ̀ sí i, owó iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìyá tó jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba owó, obìnrin dáadáa, òun nìkan ló bẹ̀ mí níbẹ̀, ó pọn tíì fún mi, ó rọra sọ fún mi pé kí n gbé mọ́tò mi lọ kí n lọ dán an wò. Ọlọ́run á bù kún un.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ mẹkáníìkì ní Pẹ́kámù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní fééèkì ni wọ́n tà fún mi o." Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé onípuléètì ni àbí onígíá?" Mo ní onígíá. Wọ́n ní, "Ó tán. Ó yẹ kó yí sẹ́yìn."

Ibi tí mánijà yẹn ò ti mọ̀ nìyí. Onípuléètì ní sípíríǹgì tó ń tẹ àwọn puléètì mọ́ra wọn nígbà gbogbo, kódà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, ìyẹn ló fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fọwọ́ yí ọ̀kan, èkejì á tẹ̀ lé e. Onígíá ò rí bẹ́ẹ̀. Gíá kan wà lórí ṣáàfútù ọ̀tún, ọ̀kan wà lórí tòsì, àwọn gíá kéékèèké sì yí wọn ká nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sára kéèsì, eyín gbogbo wọn dà gẹ̀rẹ̀. Nígbà tí agbára ẹ́ńjìnnì bá gbà wọ́n kọjá, ìdàgẹ̀rẹ̀ eyín yẹn á máa ti àwọn gíá kéékèèké náà mọ́ ògiri ihò wọn, irin á máa ha irin, híha yẹn ni kò ní jẹ́ kí táyà kan sáré ju èkejì lọ wẹ́rẹ́. Bí agbára bá ṣe pọ̀ tó ni híha náà ṣe ń le tó. Tí agbára ò bá wá sí rárá, bíi ti orí jáàkì tí èèyàn ń fọwọ́ yí i jẹ́ẹ́, híha ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí, á wá ṣe bí dífúrẹ́ńṣà lásán. Orí jáàkì ò lè fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Inú kọ́nà ni.

Mo wá gbé e lọ sí Bráńsì Háàṣì ní Kẹ́ńtì, ọjọ́ tí wọ́n ń gba èèyàn láyè láti wa mọ́tò ara ẹ̀ lórí tíráàkì. Kọ́nà tí mo ń dúró dè ni Drúìdì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹ máa gun òkè dé ibẹ̀ lẹ́yìn Pádọ́ọ̀kì Híìlì, ó wá ká lọ sí ọ̀tún pátápátá bíi píìnì irun, ẹ ní láti lọ jẹ́ẹ́ níbẹ̀ kẹ́ ẹ sì tẹ tọ́rótù jáde. Mọ́tò á dà sí òsì, ìwọ̀n mọ́tò á lọ sórí táyà òsì, táyà ọ̀tún tó wà nínú kọ́nà á fúyẹ́, kò ní lè di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́.

Pẹ̀lú dífúrẹ́ńṣà àtijọ́, ó dà bíi bàbá tó ń pín owó fún ìbejì, tó ní iye tí Táyé bá lè gbà ni Kẹ́hìndé náà máa gbà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é: tí táyà inú kò bá lè gbé ju 400 lọ kó tó yọ̀, 400 náà ni táyà ìta máa rí, bó tilẹ̀ lè gbé ìlọ́po ẹ̀, àpapọ̀ 800, gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì tó kù á máa fi táyà inú yí dànù. Lìmítẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, ká sọ pé ó lè gbé ìlọ́po méjì fún ẹni tó di ilẹ̀ mú: táyà inú gba 400, táyà ìta gba 800, àpapọ̀ 1200. Ẹ́ńjìnnì kan náà, kọ́nà kan náà o.

Báwo wá ni mo ṣe gbádùn ẹ̀ tó? Kì í ṣe ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé Drúìdì. Mo rọra ń fi tọ́rótù díẹ̀díẹ̀ sí i láàárín kọ́nà, imú mọ́tò bá ń sá lọ sí ìta, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àyà mi já, mo ní àbí òótọ́ ni mánijà yẹn sọ. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní pààkì, wọ́n ṣàlàyé fún mi nígbà tí mo wọlé. Ohun tí wọ́n sọ rèé, tí àwọn tó ń ta á kì í sọ: dífúrẹ́ńṣà yìí ò mọ táyà tó di ilẹ̀ mú, táyà tó ń lọ jẹ́ẹ́ ló mọ̀, òun ló máa ń gbé agbára fún. Nínú kọ́nà, táyà ìta ló ń rin ọ̀nà tó gùn jù, òun ló ń yára jù, nítorí náà tí táyà méjèèjì bá ṣì di ilẹ̀ mú, táyà inú ló máa gba púpọ̀, ìyẹn ló ń ti imú mọ́tò síta. Àfi tí táyà inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, tó wá sáré ju ti ìta lọ, nígbà náà ni agbára máa ṣí lọ sí ìta. "Dúró kó kọjú sọ́nà díẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí, "kó o wá tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Má ṣojo."

Mo padà lọ. Mo dúró, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́, sítíárìn fà sínú ọwọ́ mi, imú mọ́tò ń wọ inú kọ́nà fúnra ẹ̀, kò sí ariwo táyà, kò sí igbe ẹ́ńjìnnì lásán, ó kàn ń lọ, ó ń fa ara ẹ̀ lọ sí Gíráàmù Híìlì! Mo pariwo nínú àṣíborí. Kò sí nǹkan míì tí mo rà sí mọ́tò yìí tó tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé kò ní ibi tó kù sí. Tí táyà inú bá gun etí tíráàkì tó ga, tó wá kúrò nílẹ̀ pátápátá, agbára tó lè gbé di òdo, ìlọ́po méjì òdo sì ni òdo, mọ́tò á ṣe bíi ti àtijọ́ gan-an. Onípuléètì máa ń gbìyànjú díẹ̀ níbẹ̀, onígíá ò lè ṣe é. Ọ̀nà kan wà ṣáá: ẹ fi ẹsẹ̀ òsì kan bíréèkì díẹ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ tọ́rótù lọ́wọ́. Tí bíréèkì bá fi 100 di táyà inú mú, dífúrẹ́ńṣà rí nǹkan dì mú nìyẹn, á fún ti ìta ní 200, bíréèkì á jẹ 100 nínú ẹ̀, 100 tó kù á gbé yín jáde. Ó kéré, ó ju òdo lọ.

Ohun kejì, lójú títì tó rí gbágungbàgun, tẹ́ ẹ bá tẹ tọ́rótù dé ìsàlẹ̀, sítíárìn á máa já lọ sọ́tùn-ún sósì, agbára ń ṣí láti táyà kan sí èkejì bí ilẹ̀ ṣe ń yí padà, ẹ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ìyàwó mi kì í fẹ́ wà á mọ́, òun tó fẹ́ràn mọ́tò yìí tẹ́lẹ̀. Owó ẹ̀ náà wọ́n, owó iṣẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọjà, torí gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ jáde pátápátá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ṣímù, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín, tún àyè bẹ́ríǹ tuntun ṣe kó bá a mu, àìṣe bẹ́ẹ̀ bẹ́ríǹ á máa hu bí ìyára ṣe ń pọ̀ si. Tí tiyín bá ń hu lẹ́yìn tí wọ́n fi í sí i, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ti ọ́ìlì ò le: ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì Họ́ńdà tẹ́ ẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni, kò sí puléètì nínú ẹ̀ tó máa fẹ́ ọ́ìlì àrà ọ̀tọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìyẹn fún yín. Mánijà yẹn gbìyànjú ìyẹn náà.

Máàkì: 3 nínú 5. Mi ò sì ní yọ ọ́ kúrò nínú mọ́tò yìí láéláé.