Bọ́ọ̀lù Àfẹsẹ̀gbá àbí Tẹníìsì Orí Tábìlì: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Ọmọ Ọdún 10 Tó Ń Tijú?

Ọmọ mi ọkùnrin kì í lè sọ̀rọ̀ láwùjọ, síbẹ̀ ó fẹ́ wà nínú ẹgbẹ́. Eré ìdárayá méjèèjì yìí la ti gbìyànjú wò n'Ìbàdàn, ohun èlò tí mo rà fún un ló sì kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà: nọ́ńbà 4 ló bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Bàtà lọ̀rọ̀ wà. Mo ra tòkunbọ̀ kan tí eyín mẹ́fà tó gùn wà lábẹ́ rẹ̀, mo sì jẹ́ kó tóbi jù ú lọ díẹ̀ kó lè wọ̀ ọ́ dé ọdún tó ń bọ̀. Pápá koríko tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ni wọ́n ṣe irú eyín bẹ́ẹ̀ fún, kó lè wọlẹ̀. Orí ilẹ̀ pupa tó le gan-an ni tiwa ti ń gbá a, eyín náà kò ríbi wọ̀, gìgísẹ̀ ọmọ ló wá ń gba gbogbo ẹrù. Ọmọ mìíràn ì bá ti pariwo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni tèmi fi ń tiro kí n tó fura. Nígbà tí mo fi ìka méjì rọra fún gìgísẹ̀ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó já ẹsẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Dókítà ní ibi tí egungun ti ń dàgbà níbẹ̀ ló ń dùn ún, pé ó wọ́pọ̀ lára ọmọdé tó ń sáré, pé kó sinmi.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí pé kóòṣì á yọ mí kúrò, bàbá mi."

Bí ẹ bá yan bọ́ọ̀lù, ẹ ra bàtà tí eyín rọ́bà kéékèèké pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, tó bá ẹsẹ̀ ọmọ mu lónìí.

Ní ti tẹníìsì orí tábìlì, kì í ṣe ara ọmọ ni àṣìṣe ẹni tó ra nǹkan ń fara pamọ́ sí. Bí báàtì bá yára jù, bí àwọn tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù sí, bọ́ọ̀lù á máa fò kọjá tábìlì, ẹ ó sì rí i láti orí bẹ́ǹṣì. Báàtì onígi lásán, tí fóòmù abẹ́ rọ́bà rẹ̀ kò ju mìlímítà 1.5 sí 1.8 lọ, ló dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi bọ́ọ̀lù ra ojú rọ́bà náà: bó bá ń yọ̀ dípò kó dì í mú, ó ti kú nìyẹn. Ẹgbẹ́ ló ni tábìlì, ẹ má rà á.

Ìdíje ẹgbẹ́ níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ọmọ mẹ́ta; kálukú ń gbá tirẹ̀, a ó sì ro ohun tí wọ́n jẹ pọ̀. Ọmọ tó ń tijú kò ní láti pariwo kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù sí i, síbẹ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Bí pápá yín bá ní koríko, tí ọmọ sì fẹ́ràn eré sísá, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kò burú. Tèmi ti ń gbá tẹníìsì bọ̀ láti bí oṣù mẹ́jọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sẹ́ni tó bi í kó tó wá bá mi pé, "Bàbá mi, rọ́bà pupa ti ń yọ̀ o."