Lẹ́tà físà tí mo gbà lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún àwọn àna wa

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ yàrá, omi àti jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀, ẹni tó bá ti sùn ní òtẹ́ẹ̀lì Ifẹ̀ rí ti mọ̀ wọ́n. Lẹ́tà ni tèmi, ìyẹn lẹ́tà tí òtẹ́ẹ̀lì ń kọ láti fi jẹ́rìí pé àlejò ti gba yàrá lọ́dọ̀ àwọn, kí àlejò náà lè fi tọrọ físà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ fún mi burú débi pé n kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ọmọ mi ọkùnrin ló fẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì. A fi ìdána sí ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kejìlá 2025, a fi ti ṣọ́ọ̀ṣì sí ọjọ́ kejì rẹ̀, Ifẹ̀ níbí la ó ti ṣe méjèèjì. Bí bàbá àti ìyá ìyàwó kò bá sí lórí ìjókòó, ta ni ọmọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa dọ̀bálẹ̀ fún? Ọmọ Jámánì kò sì lè wọ Nàìjíríà láìgba físà, wọ́n sì máa ń béèrè ẹ̀rí ibi tí àlejò yóò sùn. Ọmọ mi ti kọ lẹ́tà ìpè tirẹ̀. Ti ibùsùn ló kù, òtẹ́ẹ̀lì ló sì ni ìyẹn.

Mo gba yàrá kan fún àwọn méjèèjì ní ₦50,000 lálẹ́ kan, alẹ́ márùn-ún. Mo san ìdajì, ₦125,000, wọ́n já rìsíìtì fún mi. Ọmọkùnrin tó wà ní kọ́ńtà wá ní, “Mọ́mì, lẹ́tà físà ní owó tiẹ̀ lọ́tọ̀ o. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni.” Mo san án. Kò já rìsíìtì kankan fún ìyẹn. Mo fi fọ́tò páṣípọ́ọ̀tù àwọn àna wa ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù, mo sì jáde. N kò tíì dé Lágere tí lẹ́tà fi wọlé sórí fóònù mi. Inú mi dùn, mo ń ṣàdúrà fún ọmọ náà lójú ọ̀nà.

Ìgbà tí mo délé tí mo fi awò sójú ni mo rí i. Ó kọ orúkọ ìyá ìyàwó sí “Mrs Geb”. Nínú páṣípọ́ọ̀tù Jámánì tirẹ̀, orúkọ ọkọ ló ṣáájú, wọ́n tún kọ orúkọ ìdílé tí wọ́n bí i sí sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi GEB. síwájú rẹ̀ kí èèyàn mọ̀ pé orúkọ àtìbí ni. GEB. yìí ni ọmọ náà sọ di orúkọ èèyàn. Orúkọ ìdílé wọn gan-an tún ní Ü nínú, ó kọ U lásán. Ẹ wo ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ojú ìwé tí fọ́tò wà, ìlà tí ẹ̀rọ máa ń kà: UE ni wọ́n kọ síbẹ̀ dípò Ü, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àna wa sì ṣe kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù físà wọn. Lẹ́tà kò bá fọ́ọ̀mù mu, kò sì sí nọ́ńbà páṣípọ́ọ̀tù nínú rẹ̀ tí èèyàn ìbá fi mọ̀ pé àwọn kan náà ni.

Ọjọ́ tó kọ ló tún wá le jù. Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ó sì kọ 10 sí 17 Oṣù Kejìlá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n ń balẹ̀ sí Èkó, kò sì sí ẹni tó máa kó àlejò òyìnbó gba ọ̀nà Ìbàdàn lóru. Ìkẹjà ni wọ́n máa sùn, òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ti kọ lẹ́tà tirẹ̀ fún alẹ́ yẹn. Alẹ́ ọjọ́ 16 ni ọkọ̀ wọn ń gbéra padà, inú òfuurufú ni ilẹ̀ 17 yóò mọ́ bá wọn. Ifẹ̀ wá di 11 sí 16, alẹ́ márùn-ún tí mo sanwó fún gan-an. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ ìwé wò, wọ́n á rí i pé èèyàn méjì fẹ́ sùn sí Ìkẹjà àti Ifẹ̀ lóru kan náà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń jọ ayédèrú.

Mo padà lọ. Ọmọ náà wò ó, ó ní, “Mọ́mì, ẹ ṣáà fi ránṣẹ́. Wọn kì í kà á.” Ara mi gbọ̀n. Mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ìyá ẹnìkan lo sọ ní Geb yìí!” Ohùn mi ló pe mánéjà jáde.

Obìnrin ni mánéjà náà, kò ju ẹni ogójì ọdún lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì àti lẹ́tà Ìkẹjà, ó sì jókòó tẹ lẹ́tà mìíràn fúnra rẹ̀. Ó ka orúkọ méjèèjì sí mi létí ní álífábẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan láti inú páṣípọ́ọ̀tù, ó fi nọ́ńbà rẹ̀ sí i, nọ́ńbà tí wọ́n fi gba yàrá, ọjọ́ tí wọ́n ń wọlé àti ọjọ́ tí wọ́n ń jáde. Nígbà tó dé ibi owó, ó dúró. Ọmọ kọ́ńtà ti kọ pé a ti san gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní, “Mà, ìdajì lẹ san. Ìdajì náà ni mo máa kọ.” Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ó dára jù lójú àwọn tó ń fúnni ní físà. Ó ní rárá. “Bí wọ́n bá pè wá, ìwé wa la máa ṣí kà fún wọn.” Ó kọ ọ́ pé ₦125,000 ti wọlé, ₦125,000 ló kù tí wọn yóò san bí wọ́n bá dé. Ó fọwọ́ sí i, ó kọ orúkọ àti ipò rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó lu òǹtẹ̀.

Ó wá ní kí n pe nọ́ńbà tó wà lókè bébà wọn. Mo pè é, kò lọ. Láìní nọ́ńbà tó ń ṣiṣẹ́, ibo ni ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ìbá ti bá wọn? Ó pààrọ̀ nọ́ńbà náà, ó tún ìwé tẹ̀ jáde, ó sì lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ tó wà ní kọ́ńtà kí ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lè dáhùn.

Físà jáde. Àwọn àna wa jókòó, ọmọ mi dọ̀bálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mi ńkọ́? Mánéjà ní òtẹ́ẹ̀lì kì í gbowó lórí lẹ́tà, pé wọ́n máa yọ ọ́ kúrò nínú ìyókù owó yàrá. Lọ́jọ́ tí àwọn àna wa ń lọ, ₦125,000 pé ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Mánéjà kò sí níbẹ̀, ọmọ kọ́ńtà yẹn náà ló wà níbẹ̀, ó ní òun ò mọ owó tí mo ń sọ. Mo ti tẹ mánéjà láago lẹ́yìn ìyẹn, ó ní òun á bójú tó o. Títí di òní tí mo ń kọ èyí, n kò rí kọ́bọ̀.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Àbúrò ìyàwó náà fẹ́ wá kí wọn, ó nílò lẹ́tà tirẹ̀, mo sì ti gba yàrá fún un níbẹ̀ náà. Ọ̀dọ̀ mánéjà ni mo lọ tààrà.