Oṣù mẹ́rin pẹ̀lú ọpọ́n ayò orí fóònù: bí ó ṣe ń jẹ ọmọ, àti bí ó ṣe ń mọ ẹni tí ó kàn

Oṣù mẹ́rin ni mo ti fi ń ta ayò lórí fóònù mi pẹ̀lú áàpù kan tí ẹni tí ó ṣe é ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kà. Abẹ́ igi odán iwájú ilé wa ni mo ti kọ́ ayò, níbi tí ọ̀ta ti ń jẹ́, tí ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ fọhùn, nítorí náà kì í ṣe ẹwà ọpọ́n náà ni mo kọ́kọ́ wò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ òfin jíjẹ, àti bóyá ó mọ ẹni tí ó kàn. Àwòrán rẹ̀ dára, ìró ọmọ ayò rẹ̀ sì dùn ún gbọ́. Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ìyẹn.

Kóòdù náà fi nọ́ńbà pe ilé méjèèjìlá. Ilé 0 dé 5 jẹ́ tèmi láti òsì sí ọ̀tún, 6 dé 11 jẹ́ ti ẹnìkejì, láti ilé 5 ni a ti ń bọ́ sí ilé 6, láti ilé 11 ni a sì ti ń padà sí ilé 0. Ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ni ó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48, ẹni tí ó bá sì jẹ 25 ti pa ẹnìkejì. Áàpù náà tún ní àyè kan tí ènìyàn ti lè to ọmọ sílé bí ó ṣe wù ú kí títa tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń dán an wò.

Ní ọjọ́ kan bàbá mi jókòó tì mí tí mo ń ta á. Ọmọ márùn-ún wà nínú ilé 4 mi. Ní apá kejì, ilé 6 ní ọmọ kan, ilé 7 ní méjì, ilé 8 ní mẹ́rin, ilé 9 ní ẹyọ kan, ilé 10 àti 11 sì ṣófo. Mo kó ilé 4, mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ilé 5, 6, 7, 8 àti 9. Ọmọ ìkẹyìn sọ ilé 9 di méjì, mo sì jẹ ẹ́. Áàpù náà kò dúró níbẹ̀: ó kó mẹ́ta ilé 7 àti méjì ilé 6 fún mi pẹ̀lú, ó di méje. Bàbá mi na ìka sí ilé 8. Wọ́n ní, “Márùn-ún ni ó wà níbí, ó ti dínà. Báwo lo ṣe gba orí rẹ̀ kọjá? Dá márùn-ún padà.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ibi tí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sí ni jíjẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń padà sẹ́yìn láti ilé dé ilé níwọ̀n ìgbà tí ilé tí ó kàn bá jẹ́ ti ẹnìkejì, tí ó sì ní méjì tàbí mẹ́ta. Ilé àkọ́kọ́ tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ni ó dá a dúró. Nígbà tí mo ṣí kóòdù náà, ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyí:

```
for i in range(6, 12):
    if b[i] in (2, 3):
        won += b[i]
        b[i] = 0
```

Ẹni tí ó kọ ọ́ ń wo gbogbo ilé ẹnìkejì lápapọ̀, ó sì ń kó èyí tí ó bá ti pé méjì tàbí mẹ́ta láìka ibi tí ọmọ ìkẹyìn bọ́ sí. Mo kọ̀wé sí i, mo sì fi èyí ránṣẹ́, níbi tí `i` ti jẹ́ ilé ọmọ ìkẹyìn:

```
while i > 5 and b[i] in (2, 3):
    won += b[i]
    b[i] = 0
    i -= 1
```

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti tún un ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán áàpù tirẹ̀ wò lè to ọmọ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe tò ó yẹn: bí ó bá fún un ní méjì, ó mọ òfin, bí ó bá fún un ní méje, kò mọ̀ ọ́n.

Odù ni mo tún dán wò, ìyẹn ilé tí ọmọ rẹ̀ ti pọ̀ débi pé yóò yí ọpọ́n po. Mo to ọmọ 14 sí ilé 3, mo sì jẹ́ kí ilé 6 ṣófo. Ọmọ mọ́kànlá àkọ́kọ́ dé ilé 2. Ìkejìlá kò gbọdọ̀ bọ́ sí ilé 3 tí a ti gbé e, ó gbọ́dọ̀ fò ó sí ilé 4, kí ìkẹtàlá lọ sí ilé 5, kí ìkẹrìnlá sì bọ́ sí ilé 6, tí yóò di méjì, tí mo sì jẹ ẹ́. Áàpù tí kò bá mọ̀ ọ́n fò yóò parí sí ilé 5 tèmi, n kò sì ní jẹ nǹkan kan. Èyí tí mo ń lò yìí fò ó dáadáa, mo sì yìn ín fún ìyẹn, nítorí odù ni agbára ọ̀ta.

Ó tún kù bí ènìyàn bá fẹ́ jẹ gbogbo ohun tí ó kù nílé ẹnìkejì lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí mo ti kọ́ ayò, a kì í gbọ́n ilé ẹnìkejì gbẹ; níbòmíràn wọ́n ń gbà kí a ta á ṣùgbọ́n kí a má jẹ ẹ́; àwọn kan ń gbà kí a jẹ ẹ́ kí ayò sì parí. Áàpù náà jẹ́ kí a yan ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí a tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ó yẹ, nítorí òfin kan tí ó yàtọ̀ ti sọ ọ́ di ayò mìíràn. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Yunifásítì Vrije ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà ṣírò gbogbo ipò tí ó lè wáyé nínú awari, tí ó jẹ́ ìbátan ayò wa, wọ́n sì rí i pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣi ọmọ kan tà, ọ̀mì ni yóò jẹ́. Òfin tí wọ́n lò ni èsì yẹn wà fún, kò ṣeé gbé ka gbogbo ọpọ́n.

Ibi tí áàpù náà ti já mi kulẹ̀ jù ni ẹni tí ó kàn. Lójú kóòdù, ó dà bí ohun kékeré: bí mo bá ta tán, ó kan ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n òfin wà pé bí ilé ẹnìkejì bá ṣófo, tí ó sì kàn mí, mo gbọ́dọ̀ ta èyí tí yóò fún un lọ́mọ; bí n kò bá ní irú rẹ̀, ayò parí, ohun tí ó kù nílé mi sì di tèmi. Áàpù náà mọ èyí. Ohun tí kò mọ̀ ni ìgbà tí òfin yìí fúnra rẹ̀ ń mú ayò yí láìdúró.

Nínú ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Ìbàdàn ni mo ti rí i. Mo ti jẹ 24, kọ̀ǹpútà ti jẹ 22, ọmọ méjì péré ni ó kù: tèmi ní ilé 0, tirẹ̀ ní ilé 6, ó sì kàn mí. Mo ta tèmi sí ilé 1, ó ta tirẹ̀ sí ilé 7, bẹ́ẹ̀ ni a ń lé ara wa títí tèmi fi dé ilé 5, tí tirẹ̀ dé ilé 11. Mo bọ́ sí ilé 6 lápá tirẹ̀, ilé mi sì ṣófo. Ọmọ méjì ni ó wà níwájú rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ti ilé 11 nìkan ni ó lè fún mi lọ́mọ, nítorí náà ó ta á sí ilé 0. Ọmọ kan ní ilé 0, ọmọ kan ní ilé 6, ó sì tún kàn mí: ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, lẹ́yìn títa mẹ́fà-mẹ́fà. Kò sí ẹni tí ó ní ohun mìíràn láti ta. Mo ta á láti Ṣágámù títí a fi wọ Ìbàdàn, kò parí, nígbà tí mo sì jáde, kò kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo pa á.

Lábẹ́ igi odán, ẹni méjì kò ní yí i ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kí wọ́n tó gbà pé ó ti parí, kí oníkálukú sì mú ọmọ tí ó wà lápá rẹ̀. Yóò jẹ́ 25 sí 23. Kóòdù lè ṣe é bí ó bá ń fi ipò ọpọ́n àti ẹni tí ó kàn pa mọ́ lẹ́yìn títa kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń wò bóyá ó ti rí méjèèjì rí. Ipò ọpọ́n nìkan kò tó, nítorí bí ọmọ bá wà ní ilé 0 àti ilé 6 ṣùgbọ́n tí ó kan ẹnìkejì, ipò mìíràn nìyẹn.

Mo ti kọ̀wé sí ẹni tí ó ṣe é nípa èyí pẹ̀lú, mo sì to ọmọ méjì náà fún un kí ó rí i fúnra rẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un báyìí. Mo ti yọ ìràwọ̀ kan fún ayò tí kò parí yìí, n óò sì dá a padà ní ọjọ́ tí ó bá kọ 25 sí 23 sílẹ̀ fún mi.