PIN ìdènà ọmọdé tí ẹ gbàgbé: ṣé inú àkáǹtì lẹ ó ti pààrọ̀ rẹ̀, àbí ẹ ó pa gbogbo ètò tẹlifíṣọ̀n rẹ́?

Ibi tí PIN náà wà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. PIN Netflix kò sí nínú tẹlifíṣọ̀n rárá, inú àkáǹtì ló wà. Ẹni tó ni àkáǹtì á ṣí netflix.com/account lórí fóònù, á yan pùrófáìlì tó tì, á tẹ Profile Lock, á fi páásíwọ̀ọ̀dù àkáǹtì wọlé, á sì fi nọ́ńbà mẹ́rin tuntun síbẹ̀. Ohunkóhun kò ní sọnù.

Dídá tẹlifíṣọ̀n padà sí bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá ń kó wàhálà dání. PIN tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ nìkan nìyẹn lè pa rẹ́. Tó bá jẹ́ nítorí Netflix lẹ ṣe é, ẹ ó tún wọlé, ẹ ó sì bá PIN àtijọ́ níbẹ̀, nígbà tí áàpù, Wáì-Fáì àti àwọn ìkànnì tí ẹ tò ti lọ. Samsung tiẹ̀ máa ń béèrè PIN kó tó gbà fún Reset! Ẹ gbìyànjú 0000, òun ló bá a wá. Bó bá kọ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe ẹni tó ń béèrè páásíwọ̀ọ̀dù yín kó tó bá yín ṣí i.