Oṣù mẹ́fà pẹ̀lú ètò ìyasíkírínṣọ́ọ̀tì kan: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún

Iṣẹ́ mi ní Kàbà ni kíkọ́ àwọn ènìyàn ní kọ̀ǹpútà, mo sì máa ń tẹ ìwé pélébé fún wọn: tẹ ibí, kí o tó tẹ ibẹ̀ yẹn. Síkírínṣọ́ọ̀tì ló kún inú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ètò tí mo ń sọ yìí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé ó máa ń fi ọfà àti nọ́ńbà sára àwòrán lẹ́sẹ̀kan náà. Lórí láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́, tí ojú rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 1366 ní ìbú àti 768 ní òró, n kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lọ́rùn.

Ìgbà tí mo ra tòkunbọ̀ ínǹṣì 14 kan ní Ìlọrin ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ jẹ́ 2880 × 1800, `Scale` sì wà ní 200%, torí láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́tà á kéré ju ohun tí ojú lè kà lọ. Mo ní kí ètò mi ya gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Igun òkè lọ́wọ́ òsì nìkan ló yà, ìdá kan péré nínú mẹ́rin. Mo ti ń ṣírò owó mọ́tò tí màá fi dá láptọ́ọ̀pù náà padà.

Láptọ́ọ̀pù kọ́ ló jẹ̀bi. Ètò náà ti dàgbà, ó sì gbà pé píksẹ́lì 96 ló máa ń wà nínú ínǹṣì kan lójú kọ̀ǹpútà gbogbo. Windows kò bá a jiyàn. Ó kàn sọ fún un pé 1440 × 900 ni ojú kọ̀ǹpútà yìí, ó jẹ́ kó ya ara rẹ̀ sí ìwọ̀n yẹn, ó wá nà án ní ìlọ́po méjì. Nínà yẹn ló ń mú kí lẹ́tà inú ètò náà rí bíi pé ọyẹ́ bò ó. Bó bá sì di ọ̀rọ̀ yíya, 1440 × 900 tí wọ́n sọ fún un náà ló máa wọ̀n láti igun òkè, á ṣíwọ́ níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín náà rí bẹ́ẹ̀, ẹ ya gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí `Properties` fáìlì náà, lábẹ́ `Details`, kí ẹ wo `Dimensions`. Bí iye ibẹ̀ bá bá ti ojú kọ̀ǹpútà yín mu, yíyà kò ní àbùkù, ibi tí ẹ ti ń wò ó ni kí ẹ yẹ̀ wò. Tèmi jẹ́ 1440 × 900.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo lọ sí `Properties` ètò náà fúnra rẹ̀, mo ṣí `Compatibility`, mo tẹ `Change high DPI settings`, mo máàkì `Override high DPI scaling behavior`, mo sì yan `Application`. Mo ti ètò náà pa, mo tún un ṣí. Àwòrán dé ní 2880 × 1800, ó mọ́ kedere. Àmọ́ bọ́tìnì ètò náà wá kéré bí èèrà! Windows kò nà án mọ́, òun náà kò sì mọ bí a ṣe ń tóbi. `System (Enhanced)` tó wà níbẹ̀ máa ń mú lẹ́tà àwọn ètò àtijọ́ kan mọ́ láìsọ wọ́n di kékeré, ṣùgbọ́n ní ti yíyà, igun yẹn náà ló tún fún mi.

Mo rò pé ó parí. Ìyá kan tó ń ṣe akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Ìyàrá pè mí: "Olùkọ́, ọ̀kun o. Ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́, lẹ́tà inú àwòrán ń ṣe bàìbàì o." Lórí tèmi, ó mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn. Fèrèsé tí mo yà jẹ́ 1200 × 800; òró kọ̀ǹpútà tiwọn kò ju 768 lọ. Kọ̀ǹpútà wọn wá dín àwòrán náà kù kó lè gbà á, ní ìwọ̀n tí kò ṣe déédéé, ibẹ̀ ni lẹ́tà ti yọ́ mọ́ra. Mo sọ ọ́ di ìdajì gééré, 600 × 400, kí píksẹ́lì mẹ́rin di ẹyọ kan láìṣẹ́kù, mo sì tún un fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù gẹ́gẹ́ bíi `Document`, torí bí fọ́tò bá ni, Wọ́sáàpù á tún dín in kù. Wọ́n ní ó ti mọ́. Bó bá jẹ́ 150% ni `Scale` yín wà, ìdá méjì nínú mẹ́ta lẹ máa dín in kù sí, kò sì ní mọ́ tó bẹ́ẹ̀, torí píksẹ́lì kò ní pín dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi tèmi sílẹ̀ ní 200%.

Ní báyìí, `Win + Shift + S` ti Windows fúnra rẹ̀ ni mo fi ń yà, torí ó mọ ìwọ̀n ojú kọ̀ǹpútà gan-an. Ètò yìí ń bẹ fún ọfà àti nọ́ńbà nìkan, mo sì ti yọ `Override` kúrò kí n lè rí bọ́tìnì rẹ̀ tẹ̀.